Àádọ́jọ Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Tuntun

Mẹ̀sìyé Émile fẹ́ràn Faransé gígùn. Bí ó bá fẹ́ kọ̀wé pé òjò rọ̀, yóò kọ́kọ́ kí ojú ọ̀run, yóò kí ilẹ̀, yóò sọ ohun tí àwọn àgbà rò nípa ìkùukùu, kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó kán sílẹ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Atakpamé, èmi Victoire sì ni akọ̀wé rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ohun tó ń kọ, tí mo ń bú u nínú ikùn mi. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn baba.

Ní oṣù kẹta ọdún 1984, lẹ́tà kan dé láti Lomé. Àwọn dókítà fẹ́ ṣe àpérò ńlá. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ sọ níbẹ̀, kó kọ àkékúrú rẹ̀ ránṣẹ́, ohun tí àwọn Faransé ń pè ní rezumé. Kó sọ ọ̀nà tó gbà ṣe ìwádìí, kó sì sọ ohun tó rí. Àádọ́jọ ọ̀rọ̀ ni, kò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé. Èyí tó bá lé, wọn kò ní kà á. Ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kí ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tó pé. Lẹ́tà náà ti sùn sọ́nà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló tó bá wa. Gàfárù tó ń fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí Lomé yóò kúrò ní ibùdókọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò gba Notsé kọjá, yóò sì fi ìwé náà jíṣẹ́ ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Bí a bá pàdánù ọkọ̀ Gàfárù, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ Mẹ̀sìyé Émile kò ní ọdún mìíràn láti dúró dè. Oṣù kẹsàn-án ni yóò fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe kó tó lọ ni pé kí wọ́n máa gbé abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ bá àwọn aboyún ní abúlé. Àrùn yìí máa ń gba ojú ìwọ́ ọmọ tuntun wọlé bí abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ bá dọ̀tí. Ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa yóò ṣàdédé di ẹnu pa, ara rẹ̀ yóò le gan-an bí igi, yóò sì kú. Àwọn ará wa ń pè é ní giri. Bí aboyún bá gba abẹ́rẹ́ méjì, kò ní pa ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ firíìjì, ó ń fẹ́ mọ́tò, àwọn ọ̀gá sì ti ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò. Wọ́n ní ọmọ méjì péré ni giri pa ní gbogbo agbègbè wa láàárín ọdún méjì. Ta ni yóò tìtorí ọmọ méjì ra firíìjì?

Mẹ̀sìyé Émile mọ̀ pé irọ́ ni ìwé náà ń pa, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ọmọ tó bá kú kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ta ni yóò gbé e wá sí ilé ìwòsàn? Lọ́dọ̀ wa, a kì í sunkún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá àgbà yóò gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, wọn yóò sin ín, wọn yóò padà wá bá ìyá rẹ̀, wọn yóò ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ó parí. Bí o bá wá bi obìnrin náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ka àwọn tó ní orúkọ fún ọ. Kò purọ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti ka ọmọ nìyẹn.

Ọ̀nà tí Mẹ̀sìyé Émile wá gbà, òun ló já fáfá jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé rẹ̀. Kò rán ọkùnrin kankan. Ó wá obìnrin mẹ́ta tó ti bímọ rí: Antoinette, Àwẹ̀ní, àti èmi. Ó yan abúlé mẹ́sàn-án lọ́nà Moretan, ó ní ká wọ gbogbo ilé, ilé kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Kí a má bèèrè ọmọ lọ́wọ́ obìnrin, oyún ni kí a bèèrè. Oyún àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó dé ilẹ̀? Ó ké? Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Bí obìnrin bá sọ pé ọmọ kan ké, tó sì kú kí oṣù rẹ̀ tó pé, nígbà náà ni ká wá rọra bèèrè: ó mu ọmú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́? Ọjọ́ wo ni kò lè mu ún mọ́? Ara rẹ̀ le? Bí ìdáhùn bá bá a mu, giri ni. Ilé tí a bá parí, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ọmọ tí giri pa níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Mẹ̀sìyé Émile fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé wa, ó ń tún ilé kan wò nínú mẹ́wàá. Ilé 1340 ni a wọ̀. Ọmọ 812 ló ké nínú ọdún 1982 àti 1983. Giri pa mẹ́tàlélógún.

Iye yẹn kò pé. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Abúlé ọkọ mi wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Ní oṣù kẹfà ọdún 1983 ni mo bí ọmọkùnrin kan nílé ìyá ọkọ mi. Michel ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Lomé, mo sì ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí n lè sinmi lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ìrọbí mú mi kó tó di ọjọ́ tí a dá. Ìyá gba ọmọ, ó fi abẹ fẹ́lẹ́ tó wà létí aṣọ rẹ̀ gé ìwọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ń tẹ káàdì abẹ́rẹ́ fún gbogbo aboyún Atakpamé, mi ò gba abẹ́rẹ́ kankan. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni, nítorí pé yàrá abẹ́rẹ́ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí tábìlì mi. Ọmọ náà mu ọmú mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹfà ó kú. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sọ fún Mẹ̀sìyé Émile pé oyún bàjẹ́ lára mi. Ojú ló tì mí. Ojú tì mí débi pé nígbà tí mo dé ilé yẹn ní oṣù kìn-ín-ní pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mi ò jókòó, mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, mo sì kọjá. Ìyá dúró lójú ọ̀nà, ó ń wò mí, òun náà kò sọ̀rọ̀.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Mẹ̀sìyé Émile gbé àkékúrú rẹ̀ wá. Mo kà á tán, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fi pẹ́ńsù tò ó.

Mo ní, “Mẹ̀sìyé, igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.”

“Ṣé o ka àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké náà mọ́ ọn?”

“Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kékeré ńlá, ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Nọ́ńbà náà, ọ̀kan ni wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó fa àga jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi bí aláìsàn tó fẹ́ kí wọ́n fa eyín òun. “Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀. Gé ohun tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ohun tí a rí, má sì fọwọ́ kan bí a ṣe rí i.”

Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ti jẹ́ ọ̀tá ọmọ aráyé. Mo ní àwọn tí a ń kọ̀wé sí jẹ́ dókítà, wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀tá náà rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di igba ó dín mẹ́ta. Mẹ̀sìyé Émile wo ọ̀nà ibòmíràn nígbà tí mo ń fa ìlà lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ti tò wọ́n bí ẹni ń pe àwọn ìbátan rẹ̀. Mo ní, “‘Abúlé mẹ́sàn-án’ ti tó. Bí ẹ bá dé àpérò, ẹ pe orúkọ wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.” Mẹ́rìnlá lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọpẹ́ fún àwọn baálẹ̀ àti àwọn aláṣẹ.

“Wọn yóò bínú,” ni Mẹ̀sìyé Émile wí.

“Wọn kò ní rí i kà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.” Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún. Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ.

Ibẹ̀ ló ti wá di ìjà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Níbi kan ó kọ ọ́ pé ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ọn pé. Mo ní kó ṣáà sọ ọ́, kò sí ìdí láti sọ pé òun fẹ́ sọ ọ́. Márùn-ún lọ. Níbòmíràn ó kọ ọ́ pé láàárín àkókò tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982 títí dé oṣù kejìlá ọdún 1983, ọ̀rọ̀ méjìlá gbáko ní Faransé. Mo yí i sí “ní 1982 àti 1983”, ó di mẹ́rin. Ẹnu ya Mẹ̀sìyé Émile. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Victoire, olè ni ọ́. O jí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ, ìtumọ̀ sì wà níbi tó wà.”

Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kànléláàádọ́jọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lé.

Mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó lọ. Láti àárọ̀ ni ojú mi ti ń lọ bá a. Nínú gbólóhùn tó sọ ọ̀nà tí a gbà, ó kọ ọ́ pé obìnrin mẹ́ta tó ti bímọ rí wọ gbogbo ilé 1340, wọ́n bèèrè oyún kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan. Mo fi ẹnu pẹ́ńsù sórí “gbogbo”.

“Ẹ jẹ́ kí a yọ èyí. Iye ilé ti wà níbẹ̀.”

“Rárá.”

“Ọ̀rọ̀ kan ni, Mẹ̀sìyé.”

“Òun ni ọ̀nà náà gan-an!” Ó dìde. Inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ru. “Bí o bá kọ ọ́ pé a wọ ilé 1340, wọn yóò bi mí pé ilé mélòó ló wà níbẹ̀. Wọn yóò ní a lọ ṣa ibi tí ọmọ ti kú ni. Ìwé wọn sọ méjì, èmi sọ mẹ́tàlélógún. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Ohun tó wà láàárín èmi àti òpùrọ́ ni pé a kò fo ilé kankan. Bí ‘gbogbo’ bá lọ, mẹ́tàlélógún di àhesọ.”

Ó gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò pa. Ní apá ìsàlẹ̀ ó ti kọ ọ́ pé méjì péré nínú àwọn ọmọ náà ló wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó ṣeni láàánú. Ọ̀rọ̀ kan ni Faransé fi ń sọ pé ó ṣeni láàánú. Mẹ̀sìyé Émile wò ó pẹ́.

“Kì í ṣe ohun tí a rí,” ló wí, “kì í sì í ṣe bí a ṣe rí i.” Ó fa ìlà lé e lórí. “Ó pé. Tẹ̀ ẹ́.”

Mo fi bébà méjì sínú ẹ̀rọ, mo fi bébà dúdú sáàárín wọn kí a lè ní ẹ̀dà. Mo tẹ àkọlé. Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Mo tẹ abúlé mẹ́sàn-án. Mo dé ibi “gbogbo”, ìka mi sì kọ̀ láti lọ. Mo gbìyànjú o. Mo ti tẹ irọ́ rí, akọ̀wé wo ni kò tíì tẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti gé ọpẹ́ rẹ̀ fún àwọn baálẹ̀, ó ti gé orúkọ abúlé rẹ̀, ó ti gé ìbànújẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè dúró, èmi sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí nǹkan kan.

“Mẹ̀sìyé, kì í ṣe gbogbo ilé.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ilé wo ló kù?”

“Ilé ọkọ mi.”

“Ìwọ lo kọ ṣọ́ọ̀kì sí ilé yẹn. Òdo lo kọ.”

“Òdo ni mo kọ. Mi ò bèèrè. Ọmọ kan wà níbẹ̀.” Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Oyún mi kò bàjẹ́, Mẹ̀sìyé. Mo bí i. Ó ké.”

Mo retí pé yóò dì mọ́ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bínú, inú bí i débi pé ó fi ọwọ́ lu tábìlì tí pẹ́ńsù fi já bọ́. Ọdún méjì ni òun fi ń wá owó epo! Òun ń sùn sórí ẹní lábúlé pẹ̀lú àárẹ̀ ẹ̀yìn òun! Bí akọ̀wé òun bá fo ilé kan, báwo ni òun ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò fo mẹ́wàá? Mo búra fún un pé ẹyọ kan náà ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ó dúró lójú fèrèsé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Yàrá abẹ́rẹ́ nìyẹn,” ló wí jẹ́jẹ́. “Èmi náà wà níbí lójoojúmọ́. Mi ò bi ọ́ rí bóyá o gba abẹ́rẹ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú pẹ́ńsù tó já bọ́ nílẹ̀.

Mo ní, “Ẹ fi ọ̀kan kún un. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́rìnlélógún.”

Ó mi orí. “Mi ò lè kọ ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu akọ̀wé mi nínú ọ́fíìsì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí a bèèrè nílé. Ilé ni a ń wọ̀. Obìnrin ló ń bèèrè. Mú ìwé àkọsílẹ̀ wá, kí o sì lọ pe Antoinette.”

Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí a gbéra. Antoinette jókòó lẹ́yìn Mẹ̀sìyé Émile lórí alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀, èmi sì gun ti ilé ìwòsàn. Ọmọ mẹ́fà ni Antoinette bí, mẹ́rin ló wà láyé, ó sì ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún Àwẹ̀ní kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n da àwọn obìnrin mìíràn láàmú.

Ìyá wà lábẹ́ òrùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òdo tí mo kọ ṣì wà lára ògiri, eruku ti pa á díẹ̀. Mẹ̀sìyé Émile kí i, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò níta. Antoinette jókòó sórí àpótí níwájú mi, ó ṣí ìwé lé orúnkún rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá gbọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, ó gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀. “Kí lẹ wá ń wá? A ti parí èyí. Victoire, wọn kì í sọ ọ́. Ṣé o fẹ́ kí ó tún padà wá da inú rẹ rú?”

Mo ní, “Ìyá, wọ́n fẹ́ kà á ni.”

“Kà á fún kí ni? Kò ní orúkọ.”

“Oyún kejì ńkọ́?” ni Antoinette bèèrè lọ́wọ́ mi, bó ṣe ń bi gbogbo ènìyàn, kò yára, kò lọ́ra.

“Ó dé ilẹ̀.”

“Ó ké?”

“Ó ké.”

“Ó mu ọmú ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́?”

Mo fẹ́ dáhùn. Mo ń wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni mo ti bi ní ìbéèrè yìí, mo sì máa ń kánjú bí wọ́n bá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Mo máa ń fi pẹ́ńsù lu ìwé. Ọlọ́run jọ̀wọ́ dárí jì mí, mo máa ń fi pẹ́ńsù lu ìwé.

“Ó mu ún,” ni Ìyá wí. Kò wo ẹnikẹ́ni. “Ó mu ún fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni ẹnu rẹ̀ dì. Mo fi ìka sí i, kò ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ sókè, yóò tún le sí i, ni mo bá lé àwọn adìẹ jáde, mo lé àwọn ọmọdé jáde. Ọjọ́ kẹfà, kí oòrùn tó là.” Ó mú ẹ̀wà kan, ó wò ó, ó sọ ọ́ padà. “Ọjọ́ méjì ló kù kí ó ní orúkọ.”

Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń rò pé èmi nìkan ni mo ń gbé e kiri.

Antoinette kọ ọ́. Ó bèèrè ohun tí a fi gé ìwọ́ rẹ̀, Ìyá sì sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà Antoinette dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu òdo kúrò lára ògiri, ó sì kọ ọ̀kan.

A dé Atakpamé ní aago méjì ààbọ̀. Mẹ̀sìyé Émile tún gbogbo ìṣirò ṣe lórí bébà lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ké di 813. Àwọn tí giri pa di 24. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, ó ti jẹ́ 28,3 tẹ́lẹ̀, ó di 29,5. Iye ilé kò yí padà, nítorí pé a ti ka ilé wa mọ́ ọn láti ọjọ́ tí mo ti purọ́ sí i lára. Mo fi bébà tuntun méjì sínú ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi “gbogbo”, mo tẹ̀ ẹ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Àádọ́jọ. Ọmọ mi ti wọ inú ìwé náà, iye ọ̀rọ̀ kò sì kúrò lójú kan. Mẹ̀sìyé Émile fọwọ́ sí i, mo sáré gbé e lọ bá Gàfárù. Ó ti ń yí ọkọ̀ padà nígbà tí mo dé, ó sì tì í bọ abẹ́ àga rẹ̀, ó ní kí n má dààmú, lẹ́tà kò wúwo.

Ní ọjọ́ Àìkú mo mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún Ìyá. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀wé. Mo jókòó tì í lábẹ́ òrùlé, mo ń tú u sí èdè wa fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́, ó ń mi orí. Kò pẹ́ tó fi tán, nítorí pé nǹkan kékeré ni àádọ́jọ ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Tiwa ńkọ́? Níbo ló wà?”

Mo fi ìka hàn án níbi 24.

“Èwo nínú rẹ̀ ni?”

“Wọn ò yà á sọ́tọ̀, Ìyá. Gbogbo wọn jọ wà níbẹ̀ ni.”

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó gbé ìka rẹ̀ lé ibi tí ìka mi ti kúrò, ó sì fi í síbẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ikọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ó sì figbe ta, igbe tí wọ́n fi ń sunkún òkú àgbà, ní ọ̀sán gangan, tí gbogbo agboolé gbọ́. Èmi náà kò lè mú ara dúró mọ́. A di ara wa mú, a sì sunkún.

Àwọn aládùúgbò sáré dé. Sàlímọ́tù tó ń gbé ní ilé kejì ló kọ́kọ́ wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo ojú mi, ó ń wo ojú Ìyá.

“Ta ló kú?”

“Ọmọ wa ni,” ni Ìyá wí. “Ọmọ Victoire. Ọkùnrin.”

“Nígbà wo?”

“Ní oṣù kẹfà tó kọjá.”

Mo rò pé yóò bá wa wí. Sàlímọ́tù nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa kú ìrọ́jú.